Iye Tí Awò Ojú Kan Jẹ́ Kó Tó Dé Arámọkọ

Nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí a kó kúrò ní Èkó wá sílé, iṣẹ́ awò ojú nìkan ni mo mọ̀ tí mo lè fi jẹun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn dókítà ojú ṣiṣẹ́. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú wò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gé lẹ́ǹsì kó bá férémù mu, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá arúgbó tí kò fẹ́ gbà pé ojú òun ti ń ṣú sọ̀rọ̀. A gba ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì ní Arámọkọ, a kùn ún ní funfun, ọkọ mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pátákó tí a máa tẹ́ awò sí mọ́ ògiri. Ọjọ́ tí a ṣí i, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wa wá gbàdúrà, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí pẹ̀lú awò kan lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀rín yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn alágbàtà ní Èkó ni mo ti ń rajà. Awò ìkàwé, ìyẹn èyí tí àgbàlagbà kàn lè rà kó sì fi ka ìwé láìjẹ́ pé wọ́n gé lẹ́ǹsì kankan fún un, ni ó máa ń tà jù. Àwọn tí ojú wọn nílò lẹ́ǹsì tiwọn, mo máa ń fi férémù àti lẹ́ǹsì wọn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ gé e wá. Ó ń gba àkókò, ó ń gba owó, nígbà mìíràn ó sì máa ń fọ́ sójú ọ̀nà. Ìgbà tí dọ́là wá ń gun òkè, tí àwọn alágbàtà ń yí iye ọjà padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ kó ọjà wọlé fúnra mi láti Ṣáínà. Ó ní, "Ṣé o mọ̀nà ibẹ̀?" Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹni yẹn ni ejẹ́ǹtì kan tó máa ń gba ẹrù jáde fáwọn oníṣòwò ní èbúté Èkó. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, ọ̀rẹ́ mi kan ló fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohùn tó yára, tó máa ń dún bí ẹni tó ń rìn lọ tó sì ń sọ̀rọ̀. Òun ló wá àwọn tó ń pa ẹrù oríṣiríṣi ènìyàn pọ̀ sínú kọ̀nténà kan, nítorí pé ẹrù tèmi kò lè kún kọ̀nténà láé. Ẹni tó ń tajà fún mi ní Ṣáínà sọ nínú wásáàpù pé òun lè kọ iye tó kéré sórí ìwé ọjà kí owó kọ́sítọ́ọ̀mù lè dínkù. Mo fi ọ̀rọ̀ náà han ejẹ́ǹtì. Lọ́jọ́ yẹn ó dúró lórí ìrìn tó ń rìn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n mọ iye tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á tún iye rẹ̀ gbé kalẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á ní kí ẹ san ìtanràn, ẹrù yín á sì jókòó síbẹ̀ tí owó ibùdó tí èbúté ń gbà lójoojúmọ́ á máa gorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ iye tó jẹ́ gan-an."

Mo gbà á gbọ́, iye tó jẹ́ gan-an ni a sì kọ. Mo dúpẹ́ pé òun ni mo kọ́kọ́ bá pàdé nínú òwò yìí.

Ọjà tí mo rà jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Èkíní ni awò ìkàwé, ẹgbẹ̀fà. Èkejì ni férémù òfìfo, ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ kan tó ń gé lẹ́ǹsì, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ìrìn Ìbàdàn. Mo san díẹ̀ nínú owó ọjà ṣáájú, nígbà tí dọ́là kan ń lọ ní egbèje náírà ó lé àádọ́ta. Ìyẹn jẹ́ bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n parí ọjà náà tí wọ́n ní kí n san èyí tó kù, dọ́là ti di ẹgbẹ̀jọ. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo di orí mú. Ọkọ mi ló lọ sí báńkì fún mi lọ́jọ́ náà.

Ẹrù náà dé. Ejẹ́ǹtì gbà á jáde láìsí wàhálà, ó fi í sínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkìtì. Ẹ̀rọ náà wà nínú àpótí pákó tó ga ju ìdí mi lọ, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Àwọn awò wà nínú páálí tí mo lè dá gbé. Mo ṣí páálí àkọ́kọ́, òórùn rọ́bà tuntun kọlu imú mi, inú mi dùn bí ẹni tó bímọ.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó láti mọ iye tí màá tà á. Ìṣirò tí mo ṣe rọrùn. Owó ọjà, mo fi ẹgbẹ̀jọ ṣírò gbogbo dọ́là rẹ̀, nítorí ẹgbẹ̀jọ ni mo ṣì ń gbọ́ létí. Owó ọkọ̀ ojú omi, owó ejẹ́ǹtì, owó èbúté àti owó ọkọ̀ tó gbé e wá sí Arámọkọ, mo kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà. Mo pín in sí iye ohun tó wà nínú ẹrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹgbẹ̀ta náírà. Owó kọ́sítọ́ọ̀mù àtàwọn owó kéékèèké tó ń tẹ̀lé e, àpapọ̀ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tán, mo pín ìyẹn náà bákan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún náírà dín ogójì. Nígbà tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, awò ìkàwé kan, tí owó rẹ̀ ní Ṣáínà kò tó dọ́là kan, ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ́wọ́ mi. Mo fi èrè díẹ̀ lé e, mo kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí i.

Ọjà kò yá. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń fi awò sójú, wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń béèrè iye rẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé àwọn ń bọ̀. Ẹni kan sọ ọ́ sójú mi pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni òun rí irú rẹ̀ ní Adó. Mo dá a lóhùn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni èmi fúnra mi fi gbà á. Òótọ́ ni mo rò pé mo ń sọ.

Ní ọjọ́ ọjà kan, ìyá àgbà kan wọlé láti Ìdó-Ilé. Ó ti ta iṣu rẹ̀ tán, ó ṣì ní erùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun wà lára àwọn tó máa ń ka Bíbélì nínú ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, pé láti ìgbà tí òun ti wà ní ọmọge ni òun ti ń kà á, ṣùgbọ́n pé láti ìgbà Lẹ́ǹtì tó kọjá, òun ti ń dọ́gbọ́n sọ fún wọn pé ọ̀fun ń dun òun. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ìyẹn. Mo yẹ ojú rẹ̀ wò, kò sí àrùn kankan níbẹ̀, àgbà ló dé sí i. Mo fi awò sí i lójú, mo gbé Bíbélì tó wà lórí tábìlì mi fún un. Ó ṣí i. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ kò dà bí ohùn arúgbó rárá. Àwọn méjì tó ń dúró de àyẹ̀wò ń gbọ́ ọ títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé.

"Èló ni, ọmọ mi?"

Mo sọ fún un.

Ó bọ́ awò náà, ó ká apá rẹ̀ méjèèjì wọlé bí ẹni tó ń ká aṣọ, ó fi etí ìró rẹ̀ nu lẹ́ǹsì, ó gbé e padà fún mi. Ó ní, "O ṣeun o. Ó dára gan-an. Olúwa á bá ọ tà á. Ulé ni mò ń lọ yìí kí òjò tó dé." Kò nájà rárá, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Bí ó bá nájà, bóyá n bá rí ọ̀rọ̀ sọ.

Mo rò ó láti fi ta á lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n mo wo páálí tó tò sẹ́yìn mi, mo wo owó ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọmọ mi, mo rántí pé n kò tíì rí èrè kankan, mo sì jẹ́ kó lọ.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìjerò ni ó ń gbé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun ló ti ń ṣe ìṣirò owó fún, títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí, kòkó ló ń ṣe. Ó jókòó lé awò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fọ́ ọ, ó gun ọ̀kadà wá bá mi pẹ̀lú apá kan lójú, apá kan lọ́wọ́. Mo fún un ní òmíràn. Ó béèrè iye rẹ̀, mo ní n kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní rárá, òun á san. Mo sọ iye rẹ̀.

Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin? Fún èyí? Báwo lo ṣe dé ibẹ̀?"

Mo ṣàlàyé gbogbo ìṣirò mi fún un, pẹ̀lú ìgboyà, nítorí mo mọ̀ pé n kò gbàgbé owó kankan. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí igun ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Èló ni o ní kó san fún ọkọ̀ ojú omi?"

"Bí ti gbogbo ohun tó kù ni. Ẹgbẹ̀ta náírà."

Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá mò ń ṣe eré. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín tó fi di àyà mú. "Àbúrò mi! Ohun tí ọkùnrin mẹ́rin gbé wọlé yìí, iye kan náà ni òun àti awò tó wọ àpò ẹ̀wù mi jọ san láti Ṣáínà?"

Èmi náà wá rẹ́rìn-ín.

Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní owó ọkọ̀ ojú omi tí àwọn tó ń pa ẹrù pọ̀ máa ń gbà, ààyè tí ẹrù gbà nínú kọ̀nténà ni wọ́n fi ń bu ú, pé bí àpótí bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kò kan bóyá ohun kan ló wà nínú àpótí náà tàbí ẹgbẹ̀rún. "Pe ejẹ́ǹtì rẹ. Ní kó fi ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n àpótí kọ̀ọ̀kan sí ránṣẹ́. Kó sì fi èyí tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi bu owó lé e, ní ìlà-ìlà, ránṣẹ́ pẹ̀lú."

Mo pè é. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń rìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti rí i. Mo fi ránṣẹ́ sí yín lọ́jọ́ tí ẹrù jáde." Òótọ́ ni, ó wà nínú fóònù mi, mo kàn rí i bí ìwé àwọn òyìnbó ni. Ó tún un fi ránṣẹ́, ó sì dúró lórí fóònù kí ẹ̀gbọ́n mi lè bi í ní ìbéèrè. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti mọ ara wọn tipẹ́. Mo ń gbọ́ ọ, inú mi ń tutù díẹ̀díẹ̀.

Ìwé náà fi hàn pé ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gba mẹ́fà nínú ìdá mẹ́wàá gbogbo ààyè tí a sanwó fún. Awò ìkàwé, bó ṣe pọ̀ tó yẹn, gba mẹ́ta. Férémù gba ọ̀kan tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a pín owó ọkọ̀ ojú omi, ti èbúté àti ti ojú títì bẹ́ẹ̀. Owó ejẹ́ǹtì, ó ní àwọn mìíràn máa ń fi iye ọjà pín in, ṣùgbọ́n pé ó kéré, kó bá àwọn tó kù lọ. Ẹgbẹ̀ta náírà tí mo ti dì lé awò ìkàwé kan wá di igba náírà ó lé márùn-dín-lọ́gbọ̀n.

Ó ní, "Ó kan kọ́sítọ́ọ̀mù. Ìyẹn kì í wo bí àpótí ṣe fẹ̀ tó."

Ó ṣàlàyé pé iye ọjà ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń wò, iye ọjà pẹ̀lú owó ọkọ̀ ojú omi àti owó adójútòfò rẹ̀ títí ó fi dé èbúté, tí wọ́n sọ di náírà ní iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́dọ̀ tiwọn lọ́jọ́ tí wọ́n bu owó náà. Orí ìyẹn ni wọ́n á wá bu ìdá tí ìjọba gbé lé irú ọjà kọ̀ọ̀kan. Ìdá tí wọ́n gbé lé ẹ̀rọ kò tó ti awò, ó wà níbẹ̀ lójú ìwé. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ní bó bá jẹ́ pé ti awò ló ga jù, owó awò á lọ sókè nìyẹn.

"Ìdá rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n èló ni awò kan? Kò tó dọ́là kan. Ìdá ohun kékeré, kékeré náà ni. Ìwọ pín in bí ẹni pé awò kan àti férémù kan jọ jẹ́ iye kan náà." Ó ṣírò rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Èyí tí mo ti fi sí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún náírà dín ogójì di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dín mẹ́wàá. Férémù ló wá gba díẹ̀ kún tirẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ láti Ṣáínà ju ti awò ìkàwé lọ.

Ó wá kan dọ́là. Ó béèrè bí mo ṣe sanwó, mo sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni. Ó ní kí n má fi ẹgbẹ̀jọ ṣírò owó tí n kò san ní ẹgbẹ̀jọ. Apá tí mo san ṣáájú, kí n fi í sí iye tí mo san án, kí n sì fi apá tó kù sí iye tirẹ̀. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí ni, pé bí mo bá fẹ́ rà á padà ńkọ́, tí dọ́là bá tún ti gòkè?

Ó gbé awò tuntun rẹ̀ kúrò lójú, ó wò mí. "Ìbéèrè gidi lo bi yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni iye tí ọjà yìí ná ọ, ọ̀tọ̀ ni iye tí èyí tó ń bọ̀ máa ná ọ. Kọ́kọ́ mọ ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, lára èrè rẹ ni kí o ti ya owó ti èkejì sọ́tọ̀. Tí o bá pa méjèèjì pọ̀, o ò ní mọ̀gbà tí o bá jèrè, o ò sì ní mọ̀gbà tí o bá pàdánù."

Nígbà tí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, awò ìkàwé kan ná mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà àti ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀. Férémù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rọ nìkan ni owó rẹ̀ lọ sókè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan tó fi lọ. Owó ẹ̀rọ ni mo ti dì lé àwọn tó wá ra awò ìkàwé lórí, tí èmi kò sì mọ̀.

Mo ní, "Ta ni yóò wá san mílíọ̀nù yẹn?"

"Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ṣé o fẹ́ tà á ni? Ohun èlò rẹ ni. Ọdún mélòó lo máa fi gé lẹ́ǹsì? Gbogbo ẹni tí o bá gé lẹ́ǹsì fún, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n máa san án, láti inú owó tí o ti ń kó lọ sí Ìbàdàn tẹ́lẹ̀."

Ọkọ mi, tó ti ń gbọ́ wa láti ẹnu ọ̀nà, ní, "Mo bá yín gbọ́ ọ." Ó lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Ẹ̀gbọ́n mi san owó awò rẹ̀, iye tuntun. Ó kọ̀ kí n dín kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ṣírò rẹ̀ kò gbọdọ̀ nájà.

Mo pa iye tó wà lórí pátákó rẹ́, mo kọ ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo sọ fún ọkọ mi pé Ìdó-Ilé ni a ó ti jọ́sìn. Kò béèrè ìdí. A kó páálí kan sẹ́yìn ọkọ̀. N kò mọ orúkọ ìyá náà, mo kàn mọ̀ pé Áńgílíkà ni, àti pé ọ̀fun ń dùn ún.

Mo rí i lórí ìjókòó kejì. Ẹlòmíràn ló ka Bíbélì lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìsìn, àlùfáà fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo sọ fún ìjọ pé mo ti ṣe ìṣirò ọjà mi dáadáa báyìí, pé iye rẹ̀ ti wálẹ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ kí n yẹ ojú òun wò kó dúró. Mo rò pé ìyá náà nìkan ni yóò dúró. Ìlà náà gba ẹnu ọ̀nà yàrá tí àlùfáà ti ń múra títí dé abẹ́ igi máńgòrò. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó ń rán aṣọ tí wọn kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ mi ń gba owó, mo ń yẹ ojú wò.

Ìyá náà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti pinnu pé ọ̀fẹ́ ni màá fún un. Mo fi awò sí ọwọ́ rẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ mú un. Tiyín nìyí."

Ó ní, "Èló ni báyìí?"

"Ìyá, ẹ má ṣe ìyọnu."

"Mo ní èló ni."

Mo sọ fún un. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó ka owó náà sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ mi dé. Ó ní, "Tí o bá ń fún gbogbo wa lọ́fẹ̀ẹ́, báwo lo ṣe máa tún rí òmíràn kó wá? Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o wà níbẹ̀ nígbà tí èyí bá bàjẹ́." Ó fi awò náà sójú, ó wo ọkọ mi, ó wò mí, ó wo igi máńgòrò. Lẹ́yìn náà ó pe àlùfáà, ó béèrè ohun tí wọ́n máa kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo wọnú ọkọ̀, mo sunkún díẹ̀. Ọkọ mi wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ dé ilé.

Awò ìkàwé náà tà tán kí òjò ọdún náà tó dáwọ́ dúró. Èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀, ṣùgbọ́n awò tí mo tà pọ̀. Ẹ̀rọ náà ń gé lẹ́ǹsì fún àwọn ará Ìjerò, Ìpótì àti Ẹ̀fọ̀n, ẹnikẹ́ni kò sì dúró de Ìbàdàn mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ kó ọjà kejì, dọ́là ti yí padà, owó ọkọ̀ ojú omi náà sì ti fò sókè. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò dúró títí ẹrù fi dé. Kí n tó san kọ́bọ̀ kan ṣáájú, mo ní kí ẹni tó ń tajà fún mi kọ ìwọ̀n àpótí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Ejẹ́ǹtì sọ iye tí ọkọ̀ ń gbà àti ìdá tí kọ́sítọ́ọ̀mù máa bu lé e. Mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjerò.

Ó wà lóko. Mo bá a níbi tó ti ń fọ́ kòkó, a jókòó lórí igi tó wó, a ń ṣírò. A rí i pé awò ìkàwé á fi díẹ̀ wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, kì í ṣe nítorí ọkọ̀, dọ́là ló fà á. A rí i pé páálí kéékèèké tí wọ́n ń fi awò kọ̀ọ̀kan sí, tó le, tó sì fẹ̀, èyí tí mo fẹ́ rà kún un nítorí ẹwà, á gba ààyè tó ju ti awò fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi sílẹ̀.

Mo ní, "Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀."

Ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó iye tí yóò ná wọn? Ìwọ lo ń tajà, ìwọ lo máa mọ̀."

Mo rò ó. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi àpò aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò rẹ̀, mo sì fi ààyè tó ṣẹ́ kù ra awò àwọn ọmọ iléèwé kún un, nítorí pé olùkọ́ kan ní Ẹ̀fọ̀n ti ń bẹ̀ mí. Mo pe ejẹ́ǹtì láti oko náà, mo sọ ohun tí a pinnu fún un. Ó ní ó dára. Ó ní òun ń bọ̀ wálé ní Kérésìmesì, pé òun á yà lọ́dọ̀ mi, pé ó ti tó àkókò kí a mọ ojú ara wa.

Mo ní, "Iyán ni mo máa gún dè ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi bu kòkó tútù kan fún mi. Mo ń lá a, ó dùn, àwọn ewé igi ń mì lókè wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n bá òun kó kòkó yòókù jọ kí ilẹ̀ tó ṣú.